Ìpín Tíṣà Nínú Ogún Ọmọ Ayò

"Gbogbo ọsàn tó wà ní Fìdítì," ni Tíṣà Adégòkè wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá òrùlé mọ́ra, "gbogbo rẹ̀ pátá, tòun ti èyí tí kò tíì pọ́n, mo ti pín in rí fún gbogbo ará Ọ̀yọ́, láti orí ọmọ ọwọ́ dórí arúgbó tí kò léyín. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mo ti ṣe tán. Ó dọ́gba déédéé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Mo sọ ọ́ sókè, àwọn ará Ìbàdàn ló bó o jẹ."

Mísì Josephine kò gbójú sókè nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń fi bírò pupa máàkì.

"Ṣé ó ti balẹ̀ kí wọ́n tó bó o, Tíṣà, àbí òfuurufú ni wọ́n ti bó o?"

"Òfuurufú ni, Mísì. Èèpo rẹ̀ nìkan ló balẹ̀."

Lọ́dún 1964 ni, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú Ìlọra, níbi tí páànù òrùlé ti ń gbóná lọ́sàn-án débi pé alángbá tó bá gun un ní tútù, ní sísun ni í sọ̀ kalẹ̀. Adégòkè kì í ṣe tíṣà gidi. Ọmọ Ìmínì ni, ó ka Modern School, ó kà á títí ìwé fi sú u, tí òun náà sì sú ìwé. Nígbà tí tíṣà kíláàsì kejì lọ bímọ, wọ́n fi Adégòkè dí àyè rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fi àkísà dí ihò àgbá omi. Ó sì ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù. Wọ́n ń kí i ní títì. Àwọn ìyá arúgbó ń pè é ní "tíṣà wa". Ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń fọ̀ ọ́ lálaalẹ́, ó sì ń lọ̀ ọ́ débi pé eṣinṣin tó bá bà lé etí rẹ̀, etí náà á gé e lẹ́sẹ̀.

Ohun tó bà á lẹ́rù láyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ní Ìmínì. Ebè ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin, irùngbọ̀n funfun ni yóò fi parí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti ní kò sí ibi méjì tí òun máa rán an: bí kò bá ṣe tíṣà, kó wá gbé ọkọ́.

Ọ̀gá Akínwándé, ọ̀gá ilé-ìwé náà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti ń pín ọsàn. Ọkùnrin kúkúrú ni, ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun á wá tẹ̀ lé e.

"Adégòkè."

"Sà!" Ó fò dìde bí ẹni tí kòkòrò ta nídìí.

"Èmi ò bi ọ́ ní ti ọsàn Fìdítì. Àwọn ọmọ ọlọ́dún méje ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́. Ìṣirò pínpín lo ti ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí, àbí?"

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọjá ààlà, sà. Ewúrẹ́ tó ń sùn lábẹ́ fèrèsé wa gan-an, ó ti ń pín koríko rẹ̀ sí ọgbọọgba fún àwọn ọmọ rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo máa wọ kíláàsì rẹ. Ogún ọmọ ayò, ọmọ mẹ́rin. Kì í ṣe ìwọ ló máa pín in o. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni. Kí wọ́n pín in dọ́gba lójú mi, kí wọ́n sì sọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí i ṣe, màá fọwọ́ sí i pé kí o lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bí wọn ò bá rí i ṣe..." Ó na ìka sí ọ̀nà Ìmínì. "Ó dà bíi pé ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ ń béèrè rẹ."

Ó kọjá lọ. Adégòkè jókòó. Òógùn tó bò ó tó èyí tí wọ́n lè fi po amọ̀.

Ohun tó ń ṣe é ni pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan ní kíláàsì òun.

Kíláàsì kejì méjì ló wà nílé-ìwé náà. Ìkan wà lọ́wọ́ Mísì Josephine, ìkan lọ́wọ́ Adégòkè, ògiri tí kò dé òkè ló sì là wọ́n láàárín, tó jẹ́ pé bí ọmọ kan bá sín ní ọ̀hún, ti ibí ni yóò kí i. Bí Mísì ṣe ń kọ́ tirẹ̀ kò ṣòro. Á kó ọmọ ayò sọ́wọ́, á fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrìkìtì sílẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Á wá ní kí wọ́n máa jù ú sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún Àbọ̀dé, ọ̀kan fún Fàòsíyà, ọ̀kan fún Sìrájù, kí wọ́n tún padà sọ́dọ̀ Àbọ̀dé, títí ọwọ́ á fi ṣófo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka tinú òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ méjìlá fún ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin ló máa wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ìdáhùn.

Ibi tó ti ń yọ Mísì lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò pínpín, Sìrájù pín in, ó sì kó ẹ̀kúnwọ́ kan sínú òbìrìkìtì tirẹ̀.

"Sìrájù, kí lèyí?"

"Mísì, èmi ni ẹ̀gbọ́n wọn. Ìgbà òjò ni wọ́n bí mi, ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí Àbọ̀dé."

Gbogbo kíláàsì ní òótọ́ ni. Nílé wọn, bí ẹran bá dé inú àwo, ẹ̀gbọ́n á ti gbé e mì kí àbúrò tó mọ̀ pé ẹran wà láyé. Mísì sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há: "Nílé yín, ẹ̀gbọ́n ni ọ́. Lórí ilẹ̀ tí a fi ṣọ́ọ̀kì fà yìí, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Bí ti ẹnì kan bá ju ti ẹnì kejì lọ, a ò tíì pín in, a kàn jà á gbà ni."

Adégòkè gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ló sì wọ̀ ọ́ létí jù, nítorí ebi ń pa á. Ebi Adégòkè kì í ṣe irú ti ẹlòmíràn. Bí ikùn rẹ̀ bá kùn ní Ìlọra, àwọn ará Awẹ́ á ká aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, wọ́n á ní òjò ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí àwọn ọmọ má ṣe mú ọmọ ayò wá mọ́.

"Ọmọ ayò le jù," ló wí, "kò lè wọ orí. Ẹ̀pà sísun ni kí ẹ máa mú wá. Ẹ̀pà ní òróró nínú. Òróró yẹn ló ń mú kí ìṣirò yọ̀ wọnú ọpọlọ. Èyí tuntun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó o!"

Àwọn ọmọ mú ẹ̀pà wá. Ìyá Ṣàràfá tó ń din ẹ̀pà tà nítòsí ọjà rò pé ilé-ìwé ti ń gbẹ́ kànga sínú àpò ọmọ òun.

Adégòkè dúró níwájú wọn, ó ti bó ẹyọ ẹ̀pà méjìlá sórí tábìlì.

"Ta ló ń pín nǹkan nílé yín?"

"Àgbà ni, sà!"

"Ṣé àgbà á wá pín nǹkan tán, kó máa lá ọwọ́ lásán?"

"Rárá o, sà!"

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ta ni àgbà níbí?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

Ó bá fa òbìrìkìtì tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó sì tóbi bí agbada. Lẹ́yìn rẹ̀ ló fa ti Hàwáù àti ti Ṣàràfá. Méjìlá fún ọmọ méjì. Ọ̀kan fún Tíṣà, ọ̀kan fún Hàwáù, ọ̀kan fún Ṣàràfá, ó ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀. Nígbà tó tán, mẹ́rin-mẹ́rin ló wà níbẹ̀. "Méjìlá, tí a bá pín in fún ọmọ méjì," ló ké, "ó di mélòó?"

"Mẹ́rin, sà!"

Mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́. Adégòkè mọ̀. Kò burú débi tí kò fi mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mẹ́rin tirẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu tó bá kún kò lè ṣe àtúnṣe. Àwọn ọmọ náà jẹ tiwọn, inú wọn dùn, kò sí ẹni tó rojọ́. Bí kò bá sì pín dọ́gba, tí ọ̀kan tàbí méjì ṣẹ́kù, "ìyókù" nìyẹn, ti Tíṣà ló sì ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Kò sí kíláàsì tó fẹ́ràn ìṣirò tó o ní gbogbo agbègbè Ìlọra. Àwọn ọmọ tó ń sá lẹ́nu iṣẹ́ àkọsílẹ̀ á máa ké pé, "Sà, ṣé a ò ní pín nǹkan lónìí ni?"

Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀, Mísì Josephine pè é sápá kan.

"Adégòkè, ògiri yìí kò ga. Mo ń gbọ́ yín. Ọmọ méjì, méjìlá, ẹ ní mẹ́rin. Ibo ni mẹ́rin tó kù wọlẹ̀ sí?"

"Mísì, ọgbọ́n ìkọ́ni ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kọ́ wọn kí òótọ́ lè dùn mọ́ wọn lẹ́nu bó bá dé."

"Ohun tó ń dùn mọ́ni lẹ́nu níbí, mo mọ̀ ọ́n. Wò ó, kó ọmọ ayò mi lọ. Jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ra lónìí. Ọmọ ọlọ́dún méje, bí o bá ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní nǹkan, ẹnu rẹ nìkan ò lè gbà á padà."

"Mísì, ẹ fi èmi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màá bá àwọn ọmọ yẹn sọ, wọ́n á yí padà bí mọ́tò tó rí ọlọ́pàá."

Ó kó ọmọ ayò náà. Ó dé kíláàsì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn: "Lọ́la, Ọ̀gá ń bọ̀. Lọ́la, kò sí òbìrìkìtì Tíṣà o. Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà!"

Ó tán. Ó lọ sílé, ó sì sùn bí ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ọ̀gá àgbà gbogbo tíṣà.

Lọ́jọ́bọ̀, ikùn Ọ̀gá Akínwándé wọ kíláàsì, òun náà wọlé. Mísì Josephine wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí wọn débi pé eruku bọ́ láti àjà. Adégòkè da ogún ọmọ ayò sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló fẹ́ pín in?" ni Ọ̀gá wí.

Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Ọ̀gá mú Hàwáù, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Ó ka àwọn ọmọ ayò náà, wọ́n pé ogún. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kúnlẹ̀, ó sì fa òbìrìkìtì. Ọ̀kan. Ó tóbi bí agbada. Lẹ́yìn náà ló fa mẹ́rin kéékèèké.

Ẹ̀rín dì mọ́ Adégòkè lẹ́nu.

"Hàwáù," ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́, "ọmọ mélòó ni mo ní kí o pín in fún?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ta ló ni ńlá yìí?"

"Ti Tíṣà ni, sà."

"Hàwáù!" Adégòkè ti gbàgbé pé àlejò wà. "Kí ni mo sọ lánàá?"

"Ẹ ní kò sí tiyín lónìí, sà," ni ọmọ náà wí, kò sì sí ẹ̀rù lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n nílé wa, bí àlejò bá wà, bàbá mi náà máa ń ní òun ò jẹun. Ìyá mi á ṣì bu tirẹ̀ pamọ́."

Mísì Josephine yára kọjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Hàwáù wo Ọ̀gá láti òkè délẹ̀, ó wo ikùn náà dáadáa, ó sì tún gbé ṣọ́ọ̀kì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n fa tiyín náà? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní kíláàsì kẹfà ní nígbà tí wọ́n wa iṣu oko ilé-ìwé, tiyín ni wọ́n kọ́kọ́ kó."

Ọ̀gá Akínwándé wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun rẹ̀. Ó wú u pẹ́. Bí ó ti ń wú u, ó ń wo ilẹ̀, bóyá ó ń ka iṣu.

"Má fa tèmi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Pín ti ilẹ̀ yẹn."

Ọmọ náà pín in. Ọ̀kan fún Tíṣà, ọ̀kan fún Ṣàràfá, ọ̀kan fún Mosúnmọ́lá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò fo ẹnì kan, kò fún ẹnì kan ní àlékún. Bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nìyẹn, kò sí àbùkù níbẹ̀, àfi pé ẹni márùn-ún ló pín in fún. Ó ka tinú òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́rin-mẹ́rin ni, sà!"

"Ogún fún ọmọ mẹ́rin?" Ọ̀gá kọjú sí gbogbo kíláàsì.

"Mẹ́rin, sà!" Ariwo náà dé Fìdítì.

"Márùn-ún ni," ni Ọ̀gá wí. "Adégòkè, ibo ni ọ̀kan-ọ̀kan tó yẹ kó kan àwọn ọmọ yìí lọ?"

Ahọ́n Adégòkè kò kú rí. "Sà, ìlànà tuntun ni. Láti Ìbàdàn ló ti wá, wọ́n gbé e wá nínú ọkọ̀ òfuurufú. Òbìrìkìtì ńlá yẹn, òdo ló dúró fún. Ẹ ò rí i bó ṣe rí roboto ni?"

"Irọ́ ni, sà," ni Ṣàràfá wí láti ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́. "Ti Tíṣà ni. Ẹ̀pà ni wọ́n máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò ni lónìí, a ò mọ bí wọ́n ṣe máa jẹ ẹ́."

Ọ̀gá Akínwándé pa ojú dé, ó sì là á. Bóyá nítorí ọ̀rọ̀ iṣu yẹn ni àánú fi ṣe é. "Adégòkè, màá fún ọ láyè kan sí i. Kúnlẹ̀ níbẹ̀. Pa ńlá yẹn rẹ́. Pín ogún yìí fún ọmọ mẹ́rin lójú wọn, kí wọ́n rí bí ó ṣe tọ́. Bí o bá ṣe é láìṣìnà, a ó ní àwọn ọmọ ló ṣì ọ́ gbọ́. Màá ṣì fọwọ́ sí ìwé rẹ."

Adégòkè kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa òbìrìkìtì ńlá rẹ́. Ogún ọmọ ayò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, òbìrìkìtì mẹ́rin wà nílẹ̀. Ohun tí kò tó nǹkan ni. Ó sì rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, ẹ̀gẹ́ Ìmínì sì ti ń rọ.

Bí ó bá ti dákẹ́ ni, ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n Adégòkè kì í dákẹ́.

"Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ," ló wí bó ti ń jù wọ́n sí i. "Ọ̀kan fún Ṣàràfá, ọ̀kan fún Mosúnmọ́lá. Ọwọ́ yìí ti pín ìràwọ̀ ojú ọ̀run rí! Ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Mo pín wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́ tì nítorí tèmi! Ọ̀kan fún Ṣàràfá..." Bí irọ́ náà ti ń dùn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ọwọ́ tó sì ti fi ẹ̀pà kọ́ra kò mọ̀ pé wọ́n ti fi ọmọ ayò pààrọ̀ ẹ̀pà.

"Ó parí!" ló wí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yí, bí ẹni tí nǹkan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Hàwáù," ni Ọ̀gá wí, "kà á fún wa."

Ọmọ náà ń fi ìka kàn wọ́n. "Ti Ṣàràfá, márùn-ún. Ti Mosúnmọ́lá, márùn-ún. Ti Rachel, márùn-ún." Ó dé èyí tó kẹ́yìn, ó kà á, ó tún un kà, ó wo abẹ́ orúnkún Tíṣà, kò rí nǹkan kan. "Tèmi, mẹ́rin, sà. Kò dọ́gba. A ò tíì pín in."

"Ìkan dà, Adégòkè?"

Adégòkè mi orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì han Ọ̀gá ní òfìfo. Ó fẹ́ búra. Ibi tó ti fẹ́ la ẹnu láti búra ni eyín rẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé lórí ohun líle kan.

*Kò!*

Mísì Josephine ní òun rò pé igi àjà ló ṣẹ́. Omi bọ́ lójú Adégòkè wẹ́rẹ́.

"Ó wà lẹ́nu Tíṣà!" ni àwọn ọmọ ké, wọ́n sì ń fò sókè, inú wọn dùn, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìṣirò náà yé gbogbo wọn pọ̀. "Ẹyọ ti Hàwáù wà lẹ́nu Tíṣà!"

Hàwáù dìde. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. "Ẹ tu ú jáde fún mi, sà. Kó lè pé márùn-ún."

Adégòkè wo ọwọ́ kékeré náà. Ó wo Ọ̀gá, ó wo ẹnu ọ̀nà, Ọ̀gá sì ti dí i pẹ̀lú ikùn. Ló bá gba ojú fèrèsé. Ó tẹ ewúrẹ́ tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ ké, Adégòkè ké, ó sì já sí títì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí asíá, ọmọ ayò Mísì Josephine ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí Ìmínì.